Fáíbà la fẹ́, rédíò ni ẹrù ń gbà wọlé: ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Owé
Ókun o, ẹ̀yin ará. Mo ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Kabba. Olùpèsè íńtánẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ méjì: fáíbà 100 Mbps, àti rédíò orí òpó 20 Mbps tó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí katakata bá gé fáíbà. /24 kan ṣoṣo la ní, a ń fi BGP kéde rẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo fi `local-preference` 200 sí ọ̀nà tí fáíbà ń fún wa, ti rédíò wà ní 100. Mo wo `show ip bgp`, àmì `>` wà níwájú ti fáíbà. Síbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni rédíò ti kún dẹ́nu, fáíbà ò sì gbé ju 8 Mbps lọ. Ta ló ti rí irú èyí rí?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Mopà
Módẹ̀mù méjì ni mo ní. Bí ọ̀kan bá kú, mo máa yọ wáyà sí èkejì. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Bàbá Ráútà
Ó tó fún ṣọ́ọ̀bù, ìyá wa. Àdírẹ́sì yín á yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wá yín láti ìta. Ti ọmọ yìí, àwọn oníbàárà ń pe sáfà rẹ̀, àdírẹ́sì ò gbọdọ̀ yí.

Ọmọ Owé, ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ nìkan ni `local-preference` ń darí. Kì í kọjá ráútà rẹ lọ sọ́dọ̀ olùpèsè. Ẹni tó wà níta ló ń yan ọ̀nà tó máa gbà wá bá ọ, ẹrù tó ń wọlé ló sì kún rédíò.

Ará Ìyàrà
Ọ̀nà tó kúrú ló máa ń borí. Jẹ́ kí ti rédíò gùn, ó parí.

Ọmọ Owé
Mo ti ṣe é lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n. Mo tún nọ́ńbà AS wa kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i (mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà gidi níbí):

```
ip prefix-list TIWA permit 203.0.113.0/24
route-map REDIO-OUT permit 10
 match ip address prefix-list TIWA
 set as-path prepend 64500 64500 64500
```

Rédíò já sí 6 Mbps. Àmọ́ ẹ̀ka wa ní Ìsánlú kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe `traceroute` níbẹ̀, rédíò náà ló ṣì ń gbà. Olùpèsè rédíò yẹn kan náà ni wọ́n ń lò.

Bàbá Ráútà
Ibẹ̀ gan-an ni. Ará Ìyàrà, ìdajì lo sọ. Ráútà kì í wo gígùn ọ̀nà títí tó fi wo `local-preference` tán, olùpèsè náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀nà tí oníbàárà tó ń sanwó fún un kéde, òun ló ń gbé ga ju èyí tó gbọ́ lẹ́nu olùpèsè míì lọ. Bí o tún nọ́ńbà rẹ kọ nígbà ogún, Ìsánlú ò ní mọ̀.

Ó ṣe mí rí. Ohun tó tú u ni `community`: nọ́ńbà tí olùpèsè fún mi láti lẹ̀ mọ́ ìkéde mi, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á rẹ tèmi sílẹ̀ sí 80, ti àwọn ará ìta sì wà ní 100. Olùpèsè kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jìyà kó tó ṣiṣẹ́, torí mi ò kọ `send-community` sí ẹ̀gbẹ́ `neighbor` náà, ráútà ò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ará Ìyàrà
Kí ló dé tí kò fi pín /24 sí /25 méjì, kó kéde wọn sí fáíbà nìkan? Èyí tó ṣe pàtó jù ló ń borí, kò sẹ́ni tó ń wo gígùn níbẹ̀.

Bàbá Ráútà
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gba ohun tó kéré ju /24 lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ olùpèsè fáíbà, ó kú síbẹ̀. Ká ní /23 ni, mi ò bá ọ jà.

Ará Ìyàrà
Èmi ti rí ibi tí wọ́n ti gbà á.

Bàbá Ráútà
Láàárín olùpèsè méjì tó ti jọ ṣàdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni. Níta, rárá.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ fi /25 sílẹ̀ ná. Ọmọ Owé, `prefix-list` yẹn, ṣé ó wà níhà fáíbà náà? A gbàgbé tiwa. Gbogbo ọ̀nà tí a gbọ́ lẹ́nu olùpèsè kan la ń kéde fún èkejì, wọ́n wá ń gba inú ráútà kékeré wa kọjá síra wọn. Kò sẹ́ni tó lè ṣí ojú ewé kan ní ọ́fíìsì títí olùpèsè fi ti ìlà náà pa fúnra rẹ̀.

Ọmọ Owé
Há! Rédíò nìkan ni mo fi sí. Mò ń kọ ọ́ sí fáíbà báyìí. Mo ti pe àwọn rédíò nítorí `community`: wọ́n ní nọ́ńbà náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ò sí lórí iṣẹ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Mopà
Ẹ jọ̀ọ́, módẹ̀mù tèmi, ṣé kí n máa yọ wáyà náà lọ bẹ́ẹ̀?