Kóòdù 05 nínú ìjábọ̀ ìsanwó: ṣé ká tún káàdì náà gbìyànjú ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mò ń yẹ ìjábọ̀ owó oṣooṣù tá à ń gbà lórí káàdì àwọn oníbàárà wò. `51 Insufficient funds` kò rú mi lójú: owó ò tó, a ó tún gbìyànjú tó bá yá. `54 Expired card` náà yé mi. Ọjọ́ káàdì ti kọjá, tàbí kí wọ́n ṣi ọjọ́ náà tẹ̀; àfi kí oníbàárà fún wa ní èyí tó tọ́.

`05 Do not honour` ló ń dà mí láàmú. Báǹkì tó ni káàdì kọ̀, kò sì sọ ìdí. Káàdì kan gbé 05 wá lọ́jọ́ 27, ó gbé 51 wá lọ́jọ́ 29, owó sì wọlé lọ́jọ́ 1. Lójú tèmi, àìtó owó ni báǹkì fi 05 bò. Ṣùgbọ́n òmíràn kì í yí padà kúrò ní 05, bóyá torí pé báǹkì ń fura sí jìbìtì, a ò sì fẹ́ fi àtúngbìyànjú dá kún ìfura náà.

Ṣé ẹ máa ń ka 05 mọ́ 51 ni? Ìgbà wo lẹ sì máa ń dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ ní kí oníbàárà pe báǹkì rẹ̀?