Ẹ sọ tiyín: pósìtì àtijọ́ tẹ́ ẹ tún gbé jáde

Ìyá Oníṣu, Adó: Ẹ kú àárọ̀ o. Lọ́dún tó kọjá mo kọ bí èèyàn ṣe lè mọ iṣu tó máa gún dáadáa kó tó sanwó, wọ́n ṣíà á títí ó sú wọn. Ní Fẹ́búárì mo kọ́pì ẹ̀ mo tún gbé e sókè bó ṣe wà. Wọ́n ní "mọ́mì, a ti ka èyí." Èyí tó wá dùn mí jù, iye tí mò ń ta iṣu lọ́dún yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, oníbàárà kan wọkọ̀ wá láti Ìkéré, ó ní iye yẹn lòun máa san, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá padà lọ ka gbogbo kọ́mẹ́ǹtì abẹ́ ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí iyán iṣu tuntun fi ń ní kókó. Nígbà tí iṣu tuntun jáde l'Ọ́gọ́ọ́sì, ìbéèrè yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo dáhùn pé omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó gún un, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sí. Mo yọ iye owó kúrò, mo ya fótò iṣu tí mo kó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì sọ pé "ohun tẹ́ ẹ bi mí lọ́dún tó kọjá rè é." Kò sẹ́ni tó ní òun ti kà á rí.

Télọ̀ Ìkéré: Fótò nìkan lèmi ń pààrọ̀ ní tèmi o. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì wọ́n rí ìlà àkọ́kọ́ wọ́n kọjá lọ.

Bọ̀dá Ìjerò: Mọ́mì, mi ò lè wọ akáǹtì mi àtijọ́ mọ́, báwo ni mo ṣe máa rí pósìtì ibẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Péèjì: Àbúrò, ìyẹn yàtọ̀ sóhun tí wọ́n ń sọ, gbìyànjú `Forgot password` ná. Mọ́mì, ẹ ṣeun tẹ́ ò kàn ṣàtúnṣe ti àtijọ́, torí déètì àtijọ́ ló máa wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ `Share` déètì yẹn náà ló máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pósìtì ló ṣeé tún ṣe o. Mo kọ nípa Ìkógòsí nígbà Àjíǹde, ibi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù, ó lọ gan-an. Mo tún un kọ lóṣù Kẹfà, fótò tuntun, ìlà tuntun, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìsinmi ló gbé ti àkọ́kọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ni. Ní tèmi, oṣù mẹ́rin ni kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó tún un gbé jáde.

Ìyá Oníṣu, Adó: Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà yẹn o. Tí mo bá ka oṣù mẹ́rin láti Ọ́gọ́ọ́sì, Dìsẹ́ńbà ni yóò bọ́ sí, iṣu ti gbẹ nígbà yẹn, ta ló ń bi mí nípa kókó?