Ṣé àdàlù kan péré tó láti fi dá ìyẹ̀fun yìí mọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹ gbà mí. Ìyẹ̀fun funfun ọwọ́ mi ń yọ́ láàárín 131 sí 133°C. Yúríà àti ásíìdì sínámíkì ni mo fura sí, torí àwọn méjèèjì ń yọ́ ní nǹkan bí 133°C. Mo lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ yúríà ní ìlàjì-ìlàjì: kò tíì dé 110°C tó ti ń rọ̀, ó sì pẹ́ kó tó yọ́ tán. Èyí tí mo pò mọ́ ásíìdì sínámíkì kò yàtọ̀ rárá sí ti ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn ohun méjì kan wà tí àdàlù wọn kì í tètè yọ́ bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣé kí n tún pò ó ní ìdá kan sí mẹ́rin kó tó dá mi lójú?