Omi ni mo mu jù, kì í ṣe òǹgbẹ: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí nínú ooru

Ìyá Bọ́lá, Gbàgádà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìfaradà ooru yìí. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní oṣù Èrèlé tí mo sá eré kìlómítà 42 l'Ékòó, kí ẹ̀yin náà lè bá mi sọ tiyín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ká má jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ wá nínú oòrùn. Mo wá sọ ọ́ di òfin: ibikíbi tí mo bá ti rí àwọn tó ń pín omi, màá gbà á, màá sì mu ún, ì báà ṣe pé òǹgbẹ ń gbẹ mí tàbí kò gbẹ mí.

Èmi kì í yára. Wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò lójú ọ̀nà. Omi inú ọ̀rá mẹ́tàlá ni mo mu, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé lítà mẹ́fà àtààbọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a gun afárá orí ọ̀sà, òrùka ìgbéyàwó mi ti há mọ́ mi níka. Mo rò pé ooru ni. Okùn aago ọwọ́ mi náà ti wọ inú ara, mo ní láti tú u ní ihò kan. Ikùn mi ń ró gbọ̀lọ̀ gbọ̀lọ̀ bíi kèǹgbè tí omi ò kún. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Mo ní omi ni kò tó, mo tún mu ọ̀rá méjì léra. Bí mo ṣe parí eré náà ni mo bì, omi lásán ló ń jáde. Ọkọ mi wá gbá mi mú, mo fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè é. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan tó sún mọ́ wa ló gbé mi lọ. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní omi ti gbẹ lára mi, ni wọ́n bá gbé dírípù oníṣúgà kọ́ mi. Ara mi túbọ̀ burú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkọ mi ò dúró, ó gbé mi lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi lé ìwọ̀n kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kílò 63. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kílò 61 ni mí nílé. Ta ló ń sáré láti Sùúrùlérè dé etí òkun tó tún wúwo sí i? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 126, bẹ́ẹ̀ láàárín 135 sí 145 ló yẹ kó wà. Omi iyọ̀ líle, mílílítà 100 péré, ni wọ́n fà sí mi lára, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kan omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti tọ̀ títí ó fi sú mi.

Ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.

Birikilà Ṣàgámù

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ewu. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, àmọ́ mo rò pé ibì kan náà ni wọ́n ti wá: iyọ̀.

Dẹ́kìn ilé alájà méjì la ń dà nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ dídà, kò sí ìdúró. Agogo méje àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀rá omi méjì ni mo mu, torí inú oòrùn ni wọ́n kó omi sí, ó ti gbóná bí omi tíì. Atẹ́gùn ò fẹ́, òógùn kàn ń ro tó tó tó ni, kò gbẹ lára rárá. Nígbà tí mo bọ́ ẹ̀wù dúdú tí mo wọ̀, iyọ̀ ti ya bí àwòrán sẹ́yìn rẹ̀, funfun báláú. Mo tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó ife, ó sì pọ́n bí omi tíì tí kò ní mílíìkì. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, òòyì kọ́ mi, àyà mi ń lù kì kì kì. Ọmọṣẹ́ mi ló dì mí mú.

Láti ìgbà náà, mo máa ń bu iyọ̀ sínú omi mi. Ká ní ẹ bu iyọ̀ sí gbogbo ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá yẹn ni, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ìyá Bọ́lá, Ọlọ́run ló yọ yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé yín lé ìwọ̀n, torí ìwọ̀n yẹn ló gbà yín.

Ẹ̀gbọ́n wa birikilà sọ òtítọ́ ní ti ara wọn, mo sì gbà pé iyọ̀ dára fún ẹni tó ń làágùn látàárọ̀ dọ̀sán. Àmọ́ iyọ̀ ò lè gba ẹni tó ń mu omi kọjá ohun tí ara rẹ̀ ń tú jáde. Kódà àwọn ohun mímu eléré ìdárayá tí wọ́n ń tà nínú ìgò, iyọ̀ inú wọn kò tó ìdá mẹ́rin iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá mu ún ní ìmukúmu, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣì wálẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣi àwa òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá lọ́nà ni ìtọ̀. Tí ara bá wà nínú wàhálà fún wákàtí púpọ̀, ó máa ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó di omi mú. Èèyàn lè mu omi yó kó má sì rí ìtọ̀ tọ̀. Nítorí náà, ìtọ̀ tí kò wá lójú ọ̀nà kò fi hàn pé omi ti tán lára. Àárẹ̀, orí fífọ́, èébì àti òòyì náà, wọ́n wà níhà méjèèjì. Ohun tí mo máa ń wò ni èyí: ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ máa ń wá omi kiri, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ wọnú, ó sì ti fúyẹ́ ju bó ṣe kúrò nílé lọ. Ẹni tí omi ti pọ̀ lára rẹ̀, ìka rẹ̀ wú, òrùka há, ikùn ń ró, omi ò sì wù ú. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú, ọpọlọ ló ti ń wú nínú agbárí tí kò ní àyè. Gìrì ló kàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un lómi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé dírípù oníṣúgà kọ́ ọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí ara rẹ̀ bá sì gbóná janjan pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ooru lè ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ tètè da omi tútù sí i lára, lóde ara o, kí ẹ tó gbé e lọ.

Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ní eré Bọ́sítìnì ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sá a wò, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àwọn 13 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀. Àwọn tó wúwo sí i lójú ọ̀nà ló pọ̀ jù nínú wọn, bíi ti Ìyá Bọ́lá gan-an.

Màmá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni mí, dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, ó sì fún mi ní oògùn tó ń mú mi tọ̀. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo máa ń rìn láàárọ̀. Ṣé kí èmi náà máa bu iyọ̀ sómi bí birikilà ṣe wí? Àwọn ọmọ mi tún ní dandan ni kí n mu ọ̀rá mẹ́jọ lójúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Màmá, rárá o. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò gba iyọ̀ kankan. Ẹ mu omi tí òǹgbẹ bá gbẹ yín, kó tán síbẹ̀. Oògùn tó ń mú yín tọ̀ yẹn ń kó iyọ̀ jáde pẹ̀lú omi, omi àmupá ò sì dára pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín iye omi tó tọ́ sí yín, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Hiúsítìnì

Ooru ìhín ò yàtọ̀ sí ti Èkó nínú oṣù Òkúdù, òógùn ò gbẹ lára ẹni. Bọ́ọ̀lù la máa ń gbá lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Wàhálà tèmi ni pajápajá. Ó máa ń mú mi ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ títí màá fi ké. Omi àgbọn ni mo ń mu, torí mo gbọ́ pé kò sí iyọ̀ ara tí kò sí nínú rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan báyìí, pajápajá ò lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Àbúrò, omi àgbọn dùn, ó sì dáa, àmọ́ potasíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Sódíọ̀mù, tí í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ wa, ló ń bá òógùn jáde jù, díẹ̀ sì nìyẹn nínú àgbọn. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru sàn jù ú lọ: ẹ ra èyí tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì, tàbí kẹ́ ẹ fi ṣíbí tíì wọn ìdajì iyọ̀ àti ṣúgà mẹ́fà, kí gbogbo rẹ̀ gé dọ́gba, sínú lítà omi kan, ìyẹn ọ̀rá méjì. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti pajápajá, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan ní iyọ̀ ni, àwọn kan ní iṣan tó ti rẹ̀ ni. Mo ti rí ẹni tí nínà ẹsẹ̀ nìkan mú un kúrò lójú ẹsẹ̀.

Birikilà Ṣàgámù

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí mo fún ní omi oníyọ̀, pajápajá rẹ̀ máa ń lọ. Mi ò lè sẹ́ ohun tí mo fi ojú mi rí.

Ìyá Bọ́lá, Gbàgádà

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì sọ nípa ìwọ̀n ló mú kí n dán an wò fúnra mi. Lọ́jọ́ Àìkú, mo tọ̀, mo bọ́ra, mo gun ìwọ̀n: 61.4. Mo sá wákàtí méjì ládùúgbò, mo mu ọ̀rá kan, mi ò tọ̀. Mo padà dé, mo nu òógùn, mo tún bọ́ra gun ìwọ̀n: 60.2. Mo ti pàdánù kílò kan àti díẹ̀, 1.2. Tí mo bá fi ìdajì lítà tí mo mu kún un, lítà 1.7 ni mo là ní òógùn, èyí tí kò pé lítà kan ní wákàtí kan.

Mo jókòó, mo fi ṣírò ti ọjọ́ eré yẹn. Ní wákàtí márùn-ún àti ogójì ìṣẹ́jú, òógùn mi ì bá má ju lítà márùn-ún lọ. Mo mu mẹ́fà àtààbọ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kílò méjì yẹn ti wá.

Ẹ̀gbọ́n birikilà, tiyín á pọ̀ ju tèmi lọ, ẹ tóbi, ẹ sì ń gbé búlọ́ọ̀kù. Ẹ bá wa gun ìwọ̀n lọ́jọ́ dẹ́kìn mìíràn, kẹ́ ẹ sọ iye tó jẹ́ fún wa. Èmi ti pinnu pé nígbà tí òǹgbẹ bá gbẹ mí nìkan ni màá mu, mo sì ti fún ọkọ mi ní àṣẹ pé kó máa fi ìka yí òrùka mi wò ní gbogbo ibi tó bá ti dúró dè mí.