Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣáàtì kan náà, káǹtì méjì, ta ló rú òfin wéèfù nínú wọn?

Abíọ́nà:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, oorun gan-an ò kùn mí mọ́. Analísíìtì méjì ni mò ń tẹ̀lé, mò ń sanwó fún ọ̀kan, ìkejì ọ̀fẹ́ ni, àwọn méjèèjì ló ní Elliott wéèfù làwọn ń kà, pé ọjà tó bá ń gòkè máa ń rìn ní wéèfù márùn-ún, tí ìkejì àti ìkẹrin á máa wálẹ̀, kíkà yẹn ni wọ́n ń pè ní káǹtì, àwọn méjèèjì náà ló sì máa ń pariwo pé òfin mẹ́ta wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú. Ó dáa. Ọjà kan náà ni wọ́n kà o, ṣáàtì wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n jọ lò. Ìkínní ní wéèfù karùn-ún ti parí ní 170, ká tà. Ìkejì ní wéèfù kẹta ló ń lọ lọ́wọ́, ká rà. Ṣé òfin kan náà ló ń ní kéèyàn tà tó tún ń ní kó rà?

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé nígbà tí mo bi ìkínní, ẹni tí mò ń sanwó fún o, ó ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù, ó ní kí n lọ kẹ́kọ̀ọ́ kí n tó máa bá òun jiyàn, ó sì pa mí lẹ́nu mọ́ nínú gúrúùpù ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rí kò fara sin. Ọjà gbéra ní 100 ó dé 124, ó wálẹ̀ sí 110, ó gòkè dé 160, ó já wálẹ̀ sí 122, ó tún gòkè dé 170. Ó ní 124 ni òpin wéèfù kìíní, ó ní 122 ni òpin wéèfù kẹrin. Ṣé wéèfù kẹrin ò ti wọ ààlà ìkínní báyìí? Ta ni kí n gbà gbọ́?

Kúnlé Ṣáàtì:
Bọ̀dá mi, ó ti rú òfin, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Òfin mẹ́ta náà rèé: wéèfù kejì ò gbọdọ̀ padà kọjá ibi tí ìkínní ti bẹ̀rẹ̀, wéèfù kẹta ló gbọ́dọ̀ gùn jù, ìkẹrin ò gbọdọ̀ wọ ààlà ìkínní. 122 ò tó 124, ó parí. Wéèfù kejì ẹ̀ gan-an ò pé, torí ó yẹ kó padà dé 61.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹ̀ ò dé 60. Tẹ̀lé analísíìtì kejì.

Ọ̀gá Làmídì:
Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé o ti wọ ọjà àbí o ò tíì wọ̀ ọ́? Ibo lo fi sitọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì sí, ibi tí wàá ti jáde tí ọjà bá dojú kọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ yìí á kàn máa jà lórí nọ́ńbà wéèfù, owó á sì ti lọ.

Abíọ́nà:
Ọ̀gá Làmídì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ sitọ́ọ̀pù kọ́ ni mo gbé wá. Ẹni tó rú òfin ni mo fẹ́ mọ̀. Kúnlé o ṣeun, ohun tí mo sọ fún un gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Bàbá Rẹ̀mí:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kúnlé, ìwọ náà fara balẹ̀ díẹ̀. Kò sófin tó ní wéèfù kẹta ló gbọ́dọ̀ gùn jù. Ohun tí òfin sọ ni pé tá a bá to ìkínní, ìkẹta àti ìkarùn-ún pọ̀, ìkẹta ò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó kúrú jù nínú wọn. Ìkarùn-ún lè gùn jù ú lọ, kò burú. Ọ̀rọ̀ 61.8 yẹn náà, àṣà ọjà ni, kì í ṣe òfin. Nínú ti Abíọ́nà, wéèfù kìíní gùn tó 24, ìkejì padà ní 14, ìyẹn bíi 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Tó bá tiẹ̀ padà ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kò tíì rú òfin, kó ṣáà má kọjá 100 tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí analísíìtì kejì ṣe kà á, mo lérò pé báyìí ni: 124 ni ìkínní, 110 ni ìkejì, ó wá gbà pé wéèfù kẹta ò parí ní 160. Ó ní 110 sí 160 ni ìkínní kékeré inú wéèfù kẹta, 122 ni ìkejì kékeré. Ìkejì kékeré yẹn lómìnira láti já wálẹ̀ gan-an, kó ṣáà má kọjá 110, nítorí náà wíwọ̀ tó wọ abẹ́ 124 ò kàn án. Ibi tí wọ́n ti yapa nìyẹn: ẹnì kan rí 160 ó ní òpin wéèfù kẹta ni, ẹnì kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni. Òfin ò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Abíọ́nà, nǹkan méjì ni mo fẹ́ kó o sọ fún mi. Láti 122 dé 170 yẹn, báwo ni ọjà ṣe rìn nínú ẹ̀, ṣé ó dá wálẹ̀ lójú ọ̀nà? Ìkejì, 122 tó o sọ yẹn, orí ṣáàtì ta lo ti rí i?

Sìsí Mọ́rẹ́nikẹ́:
Irú ẹ̀ ṣe èmi náà o! Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ṣáàtì ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan jà títí a ò fi kí ara wa mọ́. Wéèfù kìíní tèmi gbéra ní 20 ó dé 32, ìkejì já sí 25, ìkẹta dé 36, ìkẹrin já sí 33, ìkarùn-ún dé 46. Ẹ̀gbọ́n ní mo ti rú òfin torí ìkínní 12, ìkẹta 11, ìkarùn-ún 13, ìkẹta ló kúrú jù. Èmi sì ń lo ṣáàtì tó ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún wọn nǹkan: ìkínní lọ sókè ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkẹta ní 44, ìkarùn-ún ò pé 40. Ìkarùn-ún ló kúrú jù! Títí dòní kò gbà. Abíọ́nà, lọ bi wọ́n irú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wò ó.

Bàbá Rẹ̀mí:
Mọ́rẹ́nikẹ́, òótọ́ lo sọ, ìwọ lo sì jàre ẹ̀gbọ́n yẹn, torí ìdá ọgọ́rùn-ún la fi ń wọn òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ti Abíọ́nà ò sí níbẹ̀. Bó o bá fi pọ́ìntì wọ̀n ọ́n o, bó o bá fi ìdá wọ̀n ọ́n o, ìkínní ẹ̀ ló kúrú jù.

Kúnlé Ṣáàtì:
Bàbá, ká ní ẹni àkọ́kọ́ yẹn pè é ní dáyágónà ńkọ́? Mo gbọ́ pé nínú dáyágónà, ìkẹrin lè wọ ààlà ìkínní.

Bàbá Rẹ̀mí:
Ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wo bí èyí ṣe rí. Dáyágónà tá a sábà máa ń rí, ìgbésẹ̀ ẹ̀ ń kúrú sí i ni, ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ á máa sún mọ́ra. Ìkẹta tibí yìí ju ìlọ́po méjì ìkínní lọ. Kò jọ ọ́ rárá, a ò gbọdọ̀ fi orúkọ yẹn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Abíọ́nà:
Ẹ ṣé sà. Láti 122 ó gòkè dé 148, ó wálẹ̀ sí 131, ó wá fò dé 170. Mi ò rí nǹkan míì nínú ẹ̀. Ní ti ṣáàtì, orí búrókà tèmi ni mo ti rí 122. Búrókà tí ẹni àkọ́kọ́ ń lò yàtọ̀, lórí tiẹ̀ 125 ni ìsàlẹ̀ yẹn, àwọn ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tíyẹn kàn, torí orí búrókà tèmi ni owó mi wà.

Ọ̀gá Làmídì:
Ha! Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ kọ nìyẹn!

Bàbá Rẹ̀mí:
Abíọ́nà, ó kàn án gan-an. Lórí ṣáàtì ọkùnrin yẹn, wéèfù kìíní parí ní 124, ìkẹrin dúró ní 125. Kò wọ ààlà rárá. Ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló kà, kò sì rú òfin kankan. Lórí tìẹ, káǹtì yẹn ti kú. Irun káńdù kan ṣoṣo, ìlà tín-ín-rín tó ń fi ibi tí ọjà kàn hàn, tó gùn ju ti búrókà kejì lọ nígbà tí ọjà ń sáré ló fa gbogbo ẹ̀. Kò dáa bó ṣe pa ọ́ lẹ́nu mọ́ o, ìyẹn ò kan káǹtì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú 122 sí 170 tó o sọ yẹn, torí ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Ẹni àkọ́kọ́ ní wéèfù karùn-ún ni, ó ti parí. Ìkejì ní ìkẹta kékeré ni, ó ń lọ. Bó ti wù kó jẹ́, márùn-ún ló yẹ ká kà nínú ẹ̀. Mẹ́ta péré lo kà fún mi: òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Nítorí náà ẹni tó ní ó ti parí ní láti fi márùn-ún hàn wá lórí ṣáàtì tó kéré sí wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó ní ó ń lọ ṣì láyè, torí ó lè ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún ò tíì dé. Ṣùgbọ́n tí 148 bá jẹ́ òpin ìkínní inú ẹ̀, ìkẹrin tó bá ń bọ̀ wálẹ̀ láti 170 ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ 148. Tó bá wọ̀ ọ́, ìrìn yẹn ti di mẹ́ta lásán, káǹtì àwọn méjèèjì sì bàjẹ́ nìyẹn, ká wá ibòmíì gbà.

Ọ̀gá Làmídì:
Bàbá Rẹ̀mí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ibi tí mi ò ti fara mọ́ ọn nìyí. Tó bá já wọ 147, ẹni kejì yẹn á kàn sọ pé 131 sí 170 náà kì í ṣe ìkẹta, ìkínní tó tún kéré sí i ni, á bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ bó ṣe ṣe níjọ́sí. Ìgbà wo la máa mú un?

Bàbá Rẹ̀mí:
O ò parọ́, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin ò sì ní dá a dúró títí 131 á fi já. Ohun tí mo máa ń wò nígbà yẹn ni bó ṣe ń rìn. Ẹni tó bá to ìkínní àti ìkejì léra báyìí ń sọ pé ọjà fẹ́ bú jáde, tí ọjà bá wá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, mi ò ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tèmi nìyẹn, kì í ṣe òfin.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tà mọ̀. Nínú káǹtì ẹni àkọ́kọ́, ìkínní ló kúrú jù, ìkẹta ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Nítorí náà kò sí ibi tí ìkarùn-ún ò lè gùn dé, ó lè dé 200, òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní sọ pé ó ti ṣìnà. Ká ní ìkẹta kúrú ju ìkínní lọ ni, à bá mọ ibi tí ìkarùn-ún ò gbọdọ̀ kọjá. Ní tibí, ẹni tó bá tà láìfi sitọ́ọ̀pù tara ẹ̀ sí i, káǹtì ò ní sọ fún un pé kó jáde.

Abíọ́nà:
Ó ní sitọ́ọ̀pù ò pọn dandan torí wéèfù ti pé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi sí i nígbà tí mo tà ní 165. Mo sì ti rà ní 168 nínú àkáǹtì kejì gẹ́gẹ́ bí èkejì ṣe wí, kí ọ̀kan lè máa bo ọ̀kan. Mo rò pé ọgbọ́n ni, torí ẹnì kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jàre.

Ọ̀gá Làmídì:
Abíọ́nà! O tà ní 165 o rà ní 168, bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, pọ́ìntì mẹ́ta ti lọ nìyẹn, bí ọjà gòkè bó wálẹ̀, kò ní padà wá níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì di méjèèjì mú. Búrókà sì ń gba owó tiẹ̀ lórí méjèèjì. Ta lo wá ń bi ẹni tó jàre?

Abíọ́nà:
Tí mo bá pa ọ̀kan, tí ọjà bá wá lọ síbi tí ẹni yẹn sọ ńkọ́? Ó ti wálẹ̀ dé 152 báyìí. Bàbá Rẹ̀mí sà, èwo ni kí n pa?

Bàbá Rẹ̀mí:
Mi ò ní bá ọ yàn án. Ṣáàtì búrókà tí owó ẹ wà nìkan ni kó o máa kà láti ìsinsìnyí, lórí ẹ̀ káǹtì pé ìkarùn-ún ti parí ò sí mọ́, ìyẹn ni pé o ò ní ìdí tó o fi tà yẹn mọ́, bó tiẹ̀ ń lérè. Rírà yẹn ṣì ní ìdí, ó sì ní ibi tí ó máa kú sí. Bóyá 148 lo máa fi ṣe é àbí 131, ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín wọn pọ̀, ìwọ lo mọ ohun tí àkáǹtì ẹ lè gbà.

Sìsí Mọ́rẹ́nikẹ́:
Bàbá ẹ jọ̀ọ́, 148 yẹn, ṣé bí irun káńdù bá kàn án ni àbí kí káńdù parí sí abẹ́ ẹ̀? Torí ẹ̀gbọ́n yẹn ní tó ò bá parí sí abẹ́ ẹ̀, kò kà.

Bàbá Rẹ̀mí:
Irun tó bá wọ̀ ọ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ tèmi. Àwọn kan máa ń gbójú fo irun kékeré nínú ọjà tí wọ́n ń fi owó yíyá ṣe, mo mọ̀ wọ́n, èmi kì í bá wọn ṣe é.

Kúnlé Ṣáàtì:
Èmi máa ń ṣe é o Bàbá, ó sì ti gbà mí nígbà púpọ̀.