Íntáfíù ìkẹyìn ni wọ́n ti já mi: báwo ni mo ṣe máa béèrè ibi tí mo ti kù díẹ̀ káàtó?

Àbúrò Yín: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Íntáfíù mẹ́rin ni mo ṣe fún iṣẹ́ détà kan, odidi ọ̀sẹ̀ 6 ló gbà, ti ìkẹyìn jẹ́ pírẹsẹntéṣọ̀n oníṣẹ́jú 20 níwájú èèyàn mẹ́ta, rìkúrútà fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé àwa méjì péré la kù. Àná ni ímeèlì wọn dé pé àwọn ti mú ẹnì kejì. Ó dùn mí wọra, àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé mi ò mọ ibi tí mo ti gbé e gbà, wọ́n kàn ní àwọn tó gbìyànjú pọ̀ ni. Ohun tí mo kọ rèé, mi ò tíì fi ránṣẹ́: "Ẹ ṣé. Ó yà mí lẹ́nu torí mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fi mú mi?" Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Ìlú Ọba: Kí ló dé tó ò ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń ṣagbe? Ẹ̀tọ́ ẹ ni jàre. Níbí yìí òfin GDPR tó ń dáàbò bo détà ara ẹni wà, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ nípa ẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún ẹ. Sọ fún wọn pé òfin ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi mú ẹ, wàá rí bí wọ́n ṣe máa sáré dáhùn.

Ìyá Kékeré: Bọ̀dá, ẹ gbà á láàbọ̀ ni. Láti 2018 tí òfin yẹn ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè détà ara ẹ̀, ohun tí àwọn tó ṣe íntáfíù fún un kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀ sì wà lára ẹ̀ tó bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń ní láti fi dáhùn. Àmọ́ kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n jókòó ṣàlàyé fún un. Ohun tó lè rí gbà ò ju bébà tí wọ́n kọ máàkì sí, "3 nínú 5, ọ̀rọ̀ gùn jù", tán. Tí ẹnì kan bá sì ti fi òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ sí mi, àwọn lọ́yà kọ́ńpìnnì ni mo máa gbé e fún, ẹnu mi ti pa nìyẹn. Ẹni tó bá fura pé wọ́n fi ìyà jẹ òun torí àwọ̀ tàbí oyún, ìyẹn lè gba ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe ohun tí àbúrò yìí ń béèrè.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún kẹsàn-án mi rèé tí mo ti ń jókòó sí pánẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe íntáfíù fún èèyàn, ó dáa tó ò tíì fi ránṣẹ́. Wo "kí ló dé tí ẹ ò fi mú mi" yẹn, ìpinnu wọn lò ń ní kí wọ́n gbèjà, ẹ̀rù ilé ẹjọ́ á sì bà wọ́n, wọ́n á da ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí gbogbo ayé padà sí ẹ. "Ó yà mí lẹ́nu" náà, bí ẹni fẹ́ bá wọn jiyàn ló ń dún létí ẹni tó bá kà á. Iṣẹ́ tí wọ́n fojú ara wọn rí ni kó o béèrè nípa ẹ̀, ibì kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ, níbo lo ti kíyè sí i pé ara wọn ò balẹ̀ mọ́?

Àbúrò Yín: Mà, lẹ́yìn síláìdì kẹrin, máníjà yẹn wo aago. Ó wá bi mí pé "kí ló wá yẹ ká ṣe báyìí?", mi ò sì tíì dé ibẹ̀ rárá.

Ìyá Kékeré: Ibẹ̀ gan-an ni. Kọ ọ́ báyìí lédè wọn, sí rìkúrútà, kó má kọjá ọ̀la, torí tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò ní rántí síláìdì kankan mọ́:

"Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n mọ̀, ẹ sì bá mi kí àwọn mẹ́ta tó jókòó tì mí. Mo gba ìpinnu yín. Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè: nínú pírẹsẹntéṣọ̀n mi, apá tí mo ti ń sọ ohun tó yẹ kí kọ́ńpìnnì ṣe, kí ni ì bá mú un lágbára sí i? Tó bá rọrùn fún máníjà láti sọ ọ́ lórí fóònù, ìṣẹ́jú 10 tó."

"Mo gba ìpinnu yín" ni kó o má yọ kúrò o, òun ló ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Fóònù yẹn náà nídìí, ohun tí èèyàn ò ní kọ sílẹ̀ láéláé, á fi ẹnu sọ ọ́. Tí wọn ò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, ìlà méjì péré, kó o wá fi wọ́n sílẹ̀.

Akọ̀wé Ọ̀fíìsì: Ẹ má bínú mà, èmi ò gba ti rìkúrútà yẹn. Máníjà ni mo máa ń kọ̀wé sí tààrà, torí rìkúrútà ò sí nínú yàrá yẹn, ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló máa kà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dáhùn.

Ìyá Kékeré: Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní kọ́ńpìnnì kékeré. Ní ti àwọn ńlá, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa tí à ń ṣe íntáfíù pé ká má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tó o bá sì fo rìkúrútà kọjá ó lè bí i nínú, òun náà ló máa rántí ẹ tí iṣẹ́ míì bá yọ.

Akọ̀wé Ọ̀fíìsì: Mo ṣì dúró lórí tèmi mà.

Ọmọ Tuntun: Èmi ò tiẹ̀ rẹ́ni ṣe íntáfíù fún mi o. Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi 60, ṣé kí n kọ irú lẹ́tà yìí sí gbogbo wọn ni?

Ìyá Kékeré: Rárá ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ti jókòó tì ẹ́, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa sọ. CV ẹ ni kó o gbé wá ká wò ó, ṣí ọ̀rọ̀ tìẹ lọ́tọ̀.

Àbúrò Yín: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bí mà ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin wọn ò dáhùn, ọjọ́ karùn-ún rìkúrútà kọ̀wé pé ẹni tí àwọn mú nírìírí jù mí lọ. Ọkàn mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀, àfi ìgbà tí mo rí ìlà tó gbẹ̀yìn pé máníjà á pè mí lọ́jọ́ Thọ́sìdeè. Ó sì pè lóòótọ́! Ó ní iṣẹ́ mi mọ́, àmọ́ bí ìṣẹ́jú 14 nínú 20 ni mo fi sọ bí mo ṣe fọ détà, mo wá sáré ka ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ní síláìdì kan ṣoṣo. Ó tún ní gbogbo ìdáhùn mi ló jẹ́ "a ṣe é, a rí i, a tún un ṣe", àwọn ò wá mọ èwo ni mo fọwọ́ ara mi ṣe níbẹ̀. Ó wù mí kí n ṣàlàyé pé èmi nìkan ni mo ṣe èyí tó pọ̀ jù, mo gbé e mì, mo kàn ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀.

Ìyá Kékeré: O káre. Ká ní o ti jiyàn ni, ibẹ̀ ni ì bá ti gbé fóònù sílẹ̀. "Ó nírìírí jù ẹ́ lọ" yẹn, ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè kọ ọ́ sí, má fi ṣe nǹkan kan. "Ìṣẹ́jú 14" ni tìẹ.

Bọ̀dá Ìlú Ọba: Ọ̀rọ̀ "a ṣe é" yìí bá mi wí o. Bẹ́ẹ̀ náà lèmi náà ṣe máa ń sọ ọ́, ó dà bíi pé mò ń gbéra ga tí mo bá ní "èmi ni mo ṣe é".

Àbúrò Yín: Àwa méjèèjì nìyẹn sà. Mo ti ń tún un tò, ìṣẹ́jú 4 fún détà, ìyókù fún ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Mo ní íntáfíù míì lọ́jọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀. Ta ló ráyè lọ́jọ́ Sátidé kó bá mi di aago mú, kó sì dá mi dúró nígbàkígbà tí mo bá ti ní "a ṣe é"?

Bọ̀dá Ìlú Ọba: Mo wà ńlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Pè mí lórí fídíò.