Fíù mílíọ̀nù kan àti lé, onígbọ̀wọ́ ṣì ní kò tó òun. Ẹ gbà mí!

Ìyá Alámàlà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Inú ń bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn. Ìkànnì oúnjẹ ni mo ní lórí YouTube, Yorùbá ni mo fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ti di ọdún kẹta. Ojú mi ti rí màbo lórí ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ya fídíò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, gáàsì sì ti di góòlù.

Mò ń wá onígbọ̀wọ́ tó máa sanwó fún mi kí n polówó ọjà rẹ̀ nínú fídíò. Oṣù tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní kí n fi mídíà kíìtì ránṣẹ́, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí ìkànnì mi ṣe rí. Mo san ₦25,000 fún ọmọkùnrin kan, ó ṣe ojú ewé mẹ́fà fún mi, ó rẹwà bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Gàdàgbà la kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́: FÍÙ 1,200,000 LÁÀÁRÍN OṢÙ MẸ́TA. Èsì tí arábìnrin ibẹ̀ fún mi ni pé, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ta ni àwọn tó ń wò yín?" Látìgbà yẹn, kò fèsì mọ́. Ṣé kì í ṣe ìgbéraga nìyẹn? Kí ni mo tún fẹ́ kọ sí i?

Dàbírì Tẹkí:
Ṣé wákàtí 4,000 táwọn èèyàn fi wo fídíò yín ti pé? Bí kò bá tíì pé, YouTube lè má tíì sanwó ìpolówó fún yín o.

Ìyá Alámàlà:
Bùrọ̀dá, mo ti ń gba owó YouTube tipẹ́. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni mò ń sọ.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Èmi náà ti jẹ irú ìyà yẹn. Páálí núdùsì méjì ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní owó iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn ìbejì jẹ ẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọn ò lójú àánú rárá.

Bọ̀dá Láńre:
Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan ná. Nínú 1,200,000 yẹn, mélòó ni Shorts, ìyẹn fídíò kúkúrú, mélòó ni fídíò gígùn?

Olówó Fíù:
Ìyẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì. Iye àwọn tó tẹ̀lé ìkànnì àti CTR, ìyẹn ìdá àwọn tó tẹ fídíò nígbà tí wọ́n rí àwòrán iwájú ẹ̀, ni kí wọ́n kọ gàdàgbà. Onígbọ̀wọ́ tó bá rí CTR ìdá 9 nínú 100, á yára sanwó ni.

Bọ̀dá Láńre:
Olówó, CTR ń sọ bóyá àwòrán tẹ́ ẹ fi síwájú fídíò fa èèyàn mọ́ra ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá èèyàn náà jókòó gbọ́ ohun tí wọ́n ń polówó. Ní ti àwọn tó tẹ̀lé ìkànnì, ó dára kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti lè má yà wò wá mọ́.

Ìyá Alámàlà:
Shorts pọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀kan, ewúrẹ́ àdúgbò ló gbé àmàlà mi sá lọ, mo ń lé e lọ pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ọ̀kan yẹn nìkan ti lé ní 700,000. Fídíò gígùn mi mẹ́sàn-án, àpapọ̀ wọn jẹ́ 75,600. Àmọ́ fíù náà ni fíù, àbí?

Bọ̀dá Láńre:
Rárá o. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025 ni YouTube ti ń ka fíù Shorts nígbàkígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kódà bí èèyàn bá fi ìka gbá a kọjá lójú ẹsẹ̀. Bó bá tún yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ lọ sí Advanced mode nínú Analytics YouTube Studio, ẹ wá Engaged views, ẹ ó rí iye tó dúró wò ó díẹ̀. Arábìnrin yẹn mọ èyí, ìdí tó fi bi yín ní "ta ni" nìyẹn. Kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ to fíù fídíò gígùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán síbí, láti orí èyí tó kéré jù.

Ìyá Alámàlà:
3,100, 4,400, 4,900, 5,200, 5,600, 6,100, 7,300, 8,000, 31,000. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ti ọdún iléyá. Bí mo bá pín in, ó jẹ́ 8,400 fún fídíò kan. Ẹ wá rí i, kò burú.

Bọ̀dá Láńre:
Ti iléyá ló ń gbé e ga. Fídíò mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ni kò dé 8,400. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn ni kẹ́ ẹ kọ, ìyẹn 5,600. Bẹ́ ẹ bá ṣèlérí 8,400 tẹ́ ẹ mú 5,000 wá, onígbọ̀wọ́ yẹn ò ní padà wá.

Ẹ ṣí fídíò 5,600 yẹn wàyí, ẹ wo àwòrán tí wọ́n pè ní Key moments for audience retention. Ní ìṣẹ́jú kejì, ìdá mélòó nínú àwọn tó ń wò ó ló ṣẹ́kù?

Ìyá Alámàlà:
Ìdá 60 nínú 100. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ìdá 22. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo ẹ̀.

Bọ̀dá Láńre:
Ohun tẹ́ ẹ máa tà nìyẹn gan-an. Bí ìpolówó bá wà ní ìṣẹ́jú kejì, ó máa dé etí fíù bíi 3,360. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, 1,232 péré ni. Ẹ fi àwòrán náà sínú kíìtì, kẹ́ ẹ fa ìlà sí ibi tí ìpolówó máa wà. Ẹ má pè é ní "èèyàn 3,360" o, ẹnì kan lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ń wò yín? Geography, fídíò gígùn nìkan, 90 ọjọ́.

Ìyá Alámàlà:
Ìlú Ọba ìdá 44. Nàìjíríà ìdá 31. Amẹ́ríkà ìdá 12.

Olówó Fíù:
Háà! Ẹ pa ìyẹn mọ́ o. Àwọn ará Èkó ni ilé iṣẹ́ yẹn ń wá.

Bọ̀dá Láńre:
Kí wọ́n pa á mọ́ kẹ̀? Wọ́n máa béèrè fún àwòrán Studio bó pẹ́ bó yá. Bí ilé iṣẹ́ náà kì í bá kó ọjà dé Lọ́ńdọ̀nù, bóyá àwọn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa lé kiri.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Èmi ò mọ ìdá kankan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè lábẹ́ fídíò pé "màmá, níbo ni mo ti lè rí èlùbọ́ yìí rà ní Manchester?", ẹ ya ìyẹn náà sí i. Ẹ bo orúkọ wọn o.

Bọ̀dá Láńre:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ìyẹn dùn ju ojú ewé mẹ́fà lọ.

Ìyá Alámàlà:
Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yìí rán mi létí nǹkan kan. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Peckham fún mi ní kóòdù oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn tó fi kóòdù náà rajà kò ju 31 lọ. Ojú tì mí, mi ò fi sínú kíìtì, torí fíù fídíò náà jẹ́ 5,200 péré.

Bọ̀dá Láńre:
Ìyá! Ìṣẹ́jú wo ni ìpolówó náà wà?

Ìyá Alámàlà:
Lápá ìparí, bíi ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Ìdá 22 ló ṣẹ́kù níbẹ̀ náà.

Bọ̀dá Láńre:
Fíù bíi 1,144 ló dé ibẹ̀ nígbà náà, èèyàn 31 sì rajà. Nínú fíù 100 tó gbọ́ ọ, bíi 3 ló ra èlùbọ́. Ẹ gbé ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ yọ 1,200,000. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ tíì ṣe é, kó má dà bíi pé ẹ ń ṣèlérí.

Olówó Fíù:
Ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó ẹ̀rí. Èèyàn 31 lè jẹ́ ẹbí wọn.

Ìyá Alámàlà:
Ẹbí mi wo ló wà ní Peckham? Mi ò gbà kí n yọ ewúrẹ́ yẹn ṣá o, òun ló sọ mí di olókìkí.

Bọ̀dá Láńre:
Ẹ fi sójú ewé tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kọ "Shorts" sí i lára kedere. Ṣùgbọ́n ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ màmá ẹlẹ́lùbọ́ kẹ́ ẹ tó kọ iye ọjà rẹ̀ síta.

Ìyá Alámàlà:
Mo ti pè é lórí Wọ́sáàpù nísinsìnyí. Ó ń dún, kò gbé e.